Kíkéré Kì Í Ṣe Òdì

Ọdún mẹ́tàlélógún ni èmi àti obìnrin kan fi jọ lo yàrá olùkọ́ kan, tábìlì tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tiẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, òun ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Fiṣẹ́hàn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí pé bí o gba ìdáhùn tó tọ̀nà tí o kò kọ bí o ṣe dé ibẹ̀, òdo ńlá lo máa rí. “Ìdáhùn tí kò níṣẹ́ nídìí, bí ẹrù olè ló rí,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i.

Kápẹ́ńtà ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ọkùnrin gìrìpá tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú òkèèrè. Ọkùnrin náà kò mọ ìṣirò ju èyí tí ó fi ń wọn pákó lọ. “Tíṣà” ló ń pe ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń jiyàn nínú ilé, yóò ní, “Tíṣà, má fi x àti y dẹ́rù bà mí o, èmi pẹ̀lú ní rúlà.”

Ní ọdọọdún, nígbà tí Fiṣẹ́hàn bá kan orí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, yóò kọ ọ́ gàdàgbà sí àárín pátákó: dy/dx = ky. N óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kíláàsì mi.

“Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ohun tó ń sọ ò ju pé bí nǹkan bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe máa yára pọ̀ sí i tó. Ẹni tó bímọ púpọ̀ ni ọmọ-ọmọ ń ya lù. Ó dáa. Ẹ kó gbogbo y sápá kan, ẹ kó x sápá kejì: dy/y = k dx. Ẹ wá ṣe ìkójọ, tí ìwé ń pè ní integration, lápá méjèèjì: ln y = kx + C. Ẹ tú lọ́gì yẹn: y = Ae^(kx). A ni iye tó wà nílẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nígbà tí x jẹ́ òdo.”

Yóò wá fi ẹfun tọ́ka sí k. “Èyí lẹ máa ń fojú di. k kì í sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń fi kún un láàárín ìgbà kan ló ń sọ. Bí k bá ju òdo lọ, nǹkan náà ń dàgbà. Bó bá jẹ́ òdì, tó wà lábẹ́ òdo, nǹkan náà ń dín kù. Aláìyẹsẹ̀ sì ni: kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ wọn títí di ọdún tí ikọ́ mú ọkọ rẹ̀.

Gbogbo wa rò pé eruku pákó ni. Ó lo oògùn ikọ́ títí, ikọ́ kò lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ inú ara rẹ̀ wò lọ́sìbítù ní Oṣù Kejì, wọ́n rí kókó kan nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í parọ́ fún aláìsàn, ní jẹjẹrẹ ni. Ó fi ìka hàn wọ́n nínú àwòrán pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà nítòsí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kò fi lè fi ọ̀bẹ kàn án. “Bí ìbú rẹ̀ bá fi lè dé bíi mẹ́rin,” ó ní, “yóò ti fara kan òpó yìí. Láti ìgbà yẹn lọ, ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà.”

Oríṣiríṣi àyẹ̀wò gba oṣù méjì kí wọ́n tó mọ oògùn tí wọn yóò fún un. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán, ìbú kókó náà ti di sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, obìnrin kan tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ bí ẹyinjú, ló tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Ó na èékánná ìka rẹ̀ sókè. “Ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré? Èyí kò tó èékánná mi! Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ jàre.”

Fiṣẹ́hàn kò dúpẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí káàdì ọsìbítù sẹ́yìn, ó fa bírò yọ. Kókó kì í ṣe okùn tí èèyàn ń wọn gígùn rẹ̀. Bíi bọ́ọ̀lù ló rí, ó ń wú sí gbogbo ìhà. Ó ṣírò àyè tí bọ́ọ̀lù oníbùú méjì gbà, ó rí mílílítà 4.2. Ó ṣírò ti méjì àbọ̀, ó rí 8.2. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì láàárín oṣù méjì. Ó pín èkejì pẹ̀lú èkíní, ó wá lọ́gì rẹ̀, ó fi oṣù méjì pín in. k jẹ́ 0.33 lóṣù kan.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọdún tí òun ti ń kọ k kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ rí i tó wo òun padà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó gbo ọkùnrin náà, irun orí rẹ̀ re, oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kò ṣáájú rẹ̀ wọlé mọ́. Ọmọ wọn ń pè lójoojúmọ́. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fún un láyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó wá wo bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Keje ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ya àwòrán kẹta, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó ti ń lo oògùn. Ìbú kókó náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.9.

“Oògùn náà ń ṣiṣẹ́,” Dókítà wí. “Ó ti dín eré rẹ̀ kù dáadáa.”

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o: eré rẹ̀. Kò sọ pé kókó náà dín kù. Ṣùgbọ́n etí ẹni tí ìrètí ń pa bí ebi, ohun tó fẹ́ gbọ́ ló ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n délé, Ẹ̀gbọ́n ti dúró de wọn ní pálọ̀.

“Ìyàwó wa, ìwọ lo mọ nọ́ńbà. Ṣé lóòótọ́ ni?”

Fiṣẹ́hàn ti ṣe é nínú ọkọ̀. Kókó náà ti kúrò ní 8.2, ó ti di 12.8. k ti kúrò ní 0.33, ó ti di 0.15.

“Nọ́ńbà ti wálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ó dáhùn. “Láti 0.33 sí 0.15.”

Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pariwo ayọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí káápẹ́ẹ̀tì bí ọkùnrin. “Ó ti lé ní ìdajì tó fi wálẹ̀! Ó ń lọ, ó ń lọ nìyẹn!” Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín àtijọ́ yẹn, ó mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ mi, má wulẹ̀ wá da iṣẹ́ ara rẹ rú. Oògùn ti mú un. Ìyá rẹ ló ṣírò rẹ̀, nọ́ńbà ti wálẹ̀! Ṣé Oṣù Kejìlá ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ máa parí? Ẹ̀ẹ̀n. Parí rẹ̀ kí o wá, kí o lè jókòó tì mí dáadáa, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bíi wèrè.”

Fóònù náà wà lórí ohùn gbangba. Ọmọ náà ní, “Màmá, ṣé ẹ gbà pé kí n dúró?”

Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó. Orí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó rán an. Bọ́ọ̀lù oníbùú mẹ́rin jẹ́ mílílítà 33.5. Láti 12.8 dé 33.5, pẹ̀lú k tó jẹ́ 0.15, yóò gba oṣù mẹ́fà àbọ̀. Ìyẹn á bọ́ sí àárín Oṣù Kìíní. Ogúnjọ́ Oṣù Kejìlá lọmọ máa dé. Ààyè ṣì wà.

“Gbọ́ ti bàbá rẹ,” ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń máàkì ìdánwò. Ìbéèrè kẹrin tó bi wọ́n ni pé: k nǹkan kan wálẹ̀ láti 0.4 sí 0.1, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí y? Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣe é. Mẹ́rìnlélógún nínú wọn kọ ọ́ pé y ń dín kù.

“Wò wọ́n,” ó wí, ó ti ìwé náà sí mi. “Mẹ́rìnlélógún. Mo sọ, mo sọ, mo tún sọ. k kéré sí i, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá òdo. Ṣe ni nǹkan náà kàn ń rọra dàgbà. Kíkéré kì í ṣe òdì!” Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì dà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún mi.

“O ò wá sọ fún un?” mo bi í.

“Ẹ̀rín ló ń rín. Oṣù mẹ́rin gbáko rèé tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ṣé kí n wá fi ẹfun kọ ọ́ sí ara ògiri pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yọ̀ yìí, ìlọ́po méjì ṣì ń bọ̀, oṣù márùn-ún ló máa gbà báyìí dípò oṣù méjì? Jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ọmọ á dé kó tó di nǹkan. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ṣẹ́kù.”

Níbí ni mo ti jẹ̀bi tèmi. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun ẹlẹ́mìí mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí kì í bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Oògùn á pa àwọn tó lè pa, àwọn olóríkunkun á ṣẹ́kù, àwọn wọ̀nyẹn ni yóò sì máa bí sí i. k tó jẹ́ aláìyẹsẹ̀ nínú ìwé lè yẹ ẹsẹ̀ nínú ara èèyàn. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ni mo wò, mi ò sì lè fi ẹnu ara mi já ohun kan ṣoṣo tó dì mú. Mo ní, “Olúwa á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.” Mo padà sídìí tábìlì mi.

Oṣù méjì tó tẹ̀lé e dùn. Èmi náà rí i. Ọkùnrin náà gba iṣẹ́ àga ilé ìwé, ogójì àga, ó ń fi súfèé rẹ́ pákó. Ẹran ara rẹ̀ padà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àbúrò òun ti bọ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò sanra. Ìgbàkigbà tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka oṣù lórí ìka.

Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í tán án. Á fa ayùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, á jókòó. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ya àwòrán kẹrin.

Fiṣẹ́hàn ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò rẹ̀, ìbú náà yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.4, tàbí kó dín díẹ̀. Dókítà ní 3.7 ni.

Ó bẹ Dókítà pé kó tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n, 3.7 náà ni. Kókó náà ti di mílílítà 26.5, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ láàárín oṣù mẹ́ta. k ti gòkè padà sí 0.24. Ìyẹn gan-an, ìpíndọ́gba oṣù mẹ́ta ni; bó ṣe ń bá a lọ lọ́wọ́ báyìí lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tilẹ̀ dúró sí 0.24, oṣù kan ló kù kó tó dé òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ rẹ̀ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí kò tíì kùn, ó na pẹ́ńsù rẹ̀ sí i.

“Tíṣà, pákó rèé. Ṣe é lójú mi.”

“Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí ara yín—”

“Ṣe é lójú mi.”

Ó kọ ọ́ sára pákó. Ó kọ oṣù, ó kọ ìbú, ó kọ mílílítà. Ó kọ k mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ara wọn: 0.33, 0.15, 0.24. Ó ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá kápẹ́ńtà sọ̀rọ̀, pé k kì í ṣe gígùn pákó, eré ayùn ni. Ọkùnrin náà fọwọ́ lé 0.15.

“Nígbà tó jẹ́ èyí, ṣé ayùn ti dúró?”

“Rárá.”

“Ṣé ó ń padà sẹ́yìn?”

“Rárá. Ó rọra ni.”

“O sì mọ̀ lọ́jọ́ náà?”

Ó gbé pẹ́ńsù náà sílẹ̀.

“Ìwọ tó ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ hàn,” ọkùnrin náà wí. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le. “O jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín bí ọ̀bọ. O jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi dá ọmọ mi dúró.”

“Mo rò pé ó máa bá yín. Mo ṣe é, ó jẹ́ oṣù mẹ́fà àbọ̀. Mo rò pé k—”

“O rò.” Ó dìde, ó di ara ògiri mú kó tó lè rìn. “Pe ọmọ mi.”

Wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fún un ní Oṣù Keje, ẹlòmíì ti gbà á. Ẹni tó yẹ kó dúró fún un lẹ́nu iṣẹ́ ti lọ bímọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́ta, ìwé ìrìnnà tún gba ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Lójoojúmọ́ ni bàbá ń bi wọ́n pé, “Ó ti dé ibo?” Nígbà tó yá, ojú ló fi ń bi wọ́n, èémí kò tó ọ̀rọ̀ mọ́. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ó ń jẹ́ kó wẹ òun, ó ń jẹ́ kó bọ́ òun. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Tíṣà mọ́. “Ìwọ” ló ń wí.

Fiṣẹ́hàn sọ fún mi pé òun kò ṣírò nǹkan kan mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Bí nọ́ńbà bá fẹ́ wá sórí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti inú rẹ́jísítà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí nọ́ńbà náà á fi lọ.

Ọmọ wọn dé ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kọkànlá, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tòun ti àpò léjìká. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò la ojú mọ́. Ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú, ó ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ní òun rí i tí ìka rẹ̀ mì. Dókítà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá náà kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí ilé ti dá, ọmọ náà ń kó aṣọ bàbá rẹ̀ sínú àpótí, ìyá rẹ̀ ń bá a ká a. Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn lẹ́nu àbúrò rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ fún ọmọ náà. Kò fi ibi sọ ọ́. Ìbànújẹ́ ló mú un sọ ọ́.

“Màmá, lọ́jọ́ tí mo bi yín lórí fóònù yẹn, ṣé ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Pé ó ṣì ń dàgbà?”

“Mo mọ̀. Mo rò pé o máa bá a. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀—”

“Ẹ ò bá ti sọ fún mi,” ọmọ náà wí. “Ẹ ò bá ti jẹ́ kí èmi fúnra mi yàn.” Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tún un tú, ó tún un ká. “Gbogbo ọjọ́ ni mò ń wẹ bàbá oníbàbá níbi iṣẹ́.”

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà kò ta ọwọ́ náà nù, ṣùgbọ́n kò dì í mú. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú ló padà lọ. Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé wọn dé pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé, ilẹ̀kùn gíláàsì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

A dúró níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń tì wá kọjá.

“Ó ní òun á máa pè,” ó wí.

Mo ní, “Á pè.”

Ó ń wo gíláàsì náà títí ẹ̀ṣọ́ kan fi wá bá wa, ó ní kí a jọ̀ọ́ má dí ọ̀nà.